Lẹ́tà Pọ́ńpù Mẹ́rìnlélógún

Ara mi kì í balẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́, n kì í lè dúró sójú kan kọ ìlà mẹ́ta sójú pátákó. Mo rò pé tí mo bá fẹ̀yìn tì, tí mo padà sílé ní Ìdó-Ilé, ara á rọlẹ̀. Irọ́ ni. Ìyàwó mi ní ilé ni mo padà sí, n kò padà sí ìsinmi. Kí n tó lo oṣù mẹ́fà nílé, wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí akọ̀wé ní ohun tó ń bá jà lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ pọ́ńpù ni mo fẹ́ sọ. Pọ́ńpù tí a fi ń fín kòkó ni, èyí tí ènìyàn ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí á máa fi ọwọ́ òsì fa ọ̀pá rẹ̀ sókè sódò, tí á máa fi ọwọ́ ọ̀tún darí ibi tí oògùn ń tú jáde. Nígbà tí òjò bá ti wọlé gidi, tí oòrùn kò ráyè, àrùn kan máa ń mú èso kòkó lórí igi. Á bẹ̀rẹ̀ bí àmì kékeré, bí ìgbà tí taba ta sí aṣọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo èso náà á dúdú, yóò sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oògùn ni a fi ń dá a dúró, a sì gbọ́dọ̀ fín in kó tó gba igi, lẹ́yìn náà ká tún máa fín in ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Àgbẹ̀ tí kò bá fín kòkó lásìkò yẹn, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè ohun tó kórè.

Pọ́ńpù àtijọ́ tí a ní ti gbó. Ẹgbẹ́ wá pinnu pé ká jọ rà á lẹ́ẹ̀kan, kó lè dín lówó. Èmi ni mo rí oníṣòwò náà lórí fóònù, ní Ìbàdàn, tó ń ta irinṣẹ́ oko. Èmi ni mo bá a nájà, èmi ni mo fi orúkọ ẹgbẹ́ béèrè fún mẹ́rìnlélógún, èmi ni mo sanwó rẹ̀ láti àpò ẹgbẹ́, tí kálukú ti dá owó tirẹ̀ sí, kó tó gbé wọn sọ́kọ̀. Ó fi ìwé ọjà ránṣẹ́, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ó fi risíìtì tẹ̀lé e. Ọkọ̀ akẹ́rù já wọn sí oríta Ìtáwúrẹ́, a fi ọkọ̀ àgbẹ̀ kan lọ kó wọn wálé. Mo pín wọn lọ́jọ́ náà gan-an níwájú ilé alága, kálukú buwọ́ lùwé. Mo rántí bí inú mi ṣe dùn tó.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ariwo ti ta. Ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ lọ sóko, ó bu omi sí i, ó po oògùn mọ́ ọn, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó fín igi mẹ́wàá. Nígbà tó di igi kọkànlá ó rí i pé sòkòtò òun ti tutù dé orúnkún. Ó rò pé òógùn ni. Ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o ló mọ̀ pé oògùn kòkó ni. Ìdí pọ́ńpù ló ń jò, níbi tí àgbá rẹ̀ ti pàdé ibi tí afẹ́fẹ́ ń kó jọ sí. Wọ́ṣà kan, rọ́bà róbótó, wà níbẹ̀ tó yẹ kó dí i pa, àmọ́ wọ́ṣà náà kéré ju ojú ihò tí wọ́n fi í sí. Bí ènìyàn bá ti ń fa ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ń tú síni lẹ́yìn. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí gbogbo àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan náà.

Ohun tí èmi ì bá ṣe ni pé kí n pè wọ́n jọ lójú ẹsẹ̀, kí n ní ẹnikẹ́ni má tú u. Àmọ́ Adó ni mo wà lọ́sẹ̀ náà, nídìí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì mi tí kì í tán. Àwọn àgbẹ̀ wa náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ilẹ̀kùn tó ń dún, òun ni yóò tún un ṣe, ilé ẹlòmíì ì báà jẹ́. Wọ́n gbé túùbù ọ̀kadà tó ti gbó jáde, wọ́n fi abẹ gé e róbótó, wọ́n fi sábẹ́ wọ́ṣà, wọ́n dè é padà. Kò jò mọ́. Wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fín kòkó wọn lọ. Nígbà tí mo fi ti Adó dé, pọ́ńpù mẹ́tàlélógún ló ti ní túùbù nínú.

Tèmi wà nínú mẹ́tàlélógún yẹn. Lébìrà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ oko ló tú u, n kò rán an. Ó fín oko mi kí n tó dé, ó sì fín in dáadáa. Mo bínú sí i, mo sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó dáná sun ilé mi, ó sì ń wò mí, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọn ò tíì fọwọ́ kàn. Ti obìnrin kan ni, ó jù mí lọ ní ọdún bíi mẹ́jọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí, oko kòkó ọkọ rẹ̀ ló fi ń jẹun. Òun kì í gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó ń dúró de ọkùnrin kan tó máa ń bá a fín in, ọkùnrin náà kò sì tíì ráyè. Nítorí náà pọ́ńpù rẹ̀ ṣì wà nínú páálí rẹ̀, téèpù oníṣòwò ṣì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́, n kò jókòó gba omi mu. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní ọ̀sán yẹn.

Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti wá túùbù tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi sórí páálí.

“Mo ní kí n jẹ́ kí ọn bá mi fi sí i, kẹ́ni tó ń bá mi ṣe uṣẹ́ ó tó dé,” ló sọ.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má tú u rárá. Tiyín nìkan ló kù. Òun ni ẹ̀rí wa. Mo fẹ́ kọ̀wé sí oníṣòwò náà, owó wa ni a máa gbà.”

“Ìgbà wo ni yóò tó o?”

“Ọjọ́ méje. Ó pẹ́ tán, ọjọ́ mẹ́wàá.”

Ó mú túùbù náà kúrò lórí páálí. Ó ní bí Tíṣà bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun gbọ́. Inú mi dùn gan-an pé ó gbọ́.

Mo padà sílé, mo kọ lẹ́tà. Ẹ kò rí lẹ́tà rí. Ojú ìwé mẹ́fà ni mo kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ lórí ìdúró, nítorí n kò lè jókòó. Mo sọ fún oníṣòwò náà irú ènìyàn tó jẹ́, mo bi í léèrè bóyá òun náà ní bàbá, mo sọ fún un bí ẹ̀yìn àgbẹ̀ ṣe ń jó. Ìyàwó mi kà á, ó ní ó dùn, bí mo bá kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ènìyàn á sunkún. Mo gbé e lọ sí Aràmọkọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń tẹ̀wé nítòsí gáréèjì. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ojú ìwé kejì, ó dúró.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe fún yín?”

Mo ní ó wà nínú lẹ́tà. Ó wá a. Èmi náà wá a. Kò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo ojú ìwé mẹ́fà, n kò sọ ohun tí a fẹ́ gbà. N kò kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ọjà, n kò sọ iye pọ́ńpù tí a rà. Ojú tì mí, mo sì ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní bí a ti ń kọ lẹ́tà. Mo ya ìwé mẹ́fà náà, mo sì dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, mo ń sọ ọ́ ní kúkúrú, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó tó ojú ìwé kan péré. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé, yàtọ̀ sí àwọn nọ́ńbà:

“Ẹ̀yin oníṣòwò wa, a kọ ìwé yìí láti béèrè kí ẹ dá owó wa padà lórí ọjà tó ní àléébù. Ọjà náà ni pọ́ńpù ìfínkòkó àgbékẹ́yìn mẹ́rìnlélógún, tí a fi orúkọ ẹgbẹ́ wa rà. Nọ́ńbà ìwé ọjà, ọjọ́ tí a sanwó, àti ọjọ́ tí ọjà dé ọwọ́ wa ló wà nísàlẹ̀, a sì fi ẹ̀dà risíìtì mọ́ ọn. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tẹ̀ sí ìdí gbogbo wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́ṣà ìdí àgbá kéré ju ojú ihò rẹ̀ lọ, oògùn sì ń jò sí ẹ̀yìn ẹni tó gbé e. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹ dá gbogbo owó pọ́ńpù náà padà sínú àpò tí ẹgbẹ́ fi sanwó, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí a fi kó wọn wá láti Ìtáwúrẹ́, kí ẹ sì fi ọkọ̀ ara yín wá kó wọn. A kò fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ wọn, nítorí àsìkò ìfínkòkó ń lọ. A ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ méje. Bí a kò bá rí i, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà.”

Alága buwọ́ lù ú, èmi náà buwọ́ lù ú. A ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù oníṣòwò, mo tún fi ìwé gangan ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé lórí ọ̀kadà, orí mi wú. Mo ń ka ìlà kan sókè fún ẹni tó gbé mi, kò sì dá mi lóhùn, òjò ló ń sá fún.

Ìgbà yẹn ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀. Mo ń wo fóònù ní gbogbo ìgbà. Bó bá dún, n ó sáré gbé e, àwọn tó ń polówó orin ni. Mo ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi ní kí n lọ fi ẹsẹ̀ mi roko, kó má jẹ́ sìmẹ́ńtì ilé ni mo ń jẹ. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí oòrùn yọ díẹ̀, gbogbo àwọn tó ní pọ́ńpù oní-túùbù á sáré lọ sóko, wákàtí méjì mẹ́ta tí òjò bá fi dá, wọ́n á lò ó tán. Ọ̀kan kì í ráyè yá ẹlòmíì ní tirẹ̀. Lébìrà mi náà wà lára wọn. Ó fín oko mi lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo sì sanwó ọjọ́ rẹ̀ fún un. Mo sọ ọ́ níhìn-ín nítorí kò yẹ kí n fi pamọ́.

Ọjọ́ méje pé, oníṣòwò kò fèsì. Mo pè é, kò gbé e. Ní ọjọ́ kọkànlá ó fèsì. Ọmọlúwàbí ni lẹ́nu, ó bẹ̀ wá, ó ní kí a fi fọ́tò ìdí pọ́ńpù kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, kí òun lè fi han ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bó ṣe ní kí n ṣe é ni mo ṣe. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo yí pọ́ńpù mẹ́tàlélógún dojú dé, mo ya fọ́tò mẹ́tàlélógún, mo to wọn lẹ́sẹẹsẹ. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láì ronú. Rọ́bà dúdú túùbù hàn nínú gbogbo wọn, ó yọ sóde bí ètè.

Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà.

“Bàbá, ẹ ti tú ọjà yẹn. Ẹ ti fi ohun tí kì í ṣe tiwa sí i. Gáráńtì ò sí lórí ohun tí ẹ ti tú. Ta ló mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ nígbà tí ẹ ń tú u?”

Mo bínú gan-an. Ohun tó dùn mí jù ni pé lójú ara rẹ̀, ó jọ òtítọ́. Èmi fúnra mi ni mo fi fọ́tò ṣe ẹlẹ́rìí fún un. Mo kàn ń sọ pé, “Ẹyọ kan kù, ẹyọ kan kù tí a ò tú.” Ó ní bó bá jẹ́ lóòótọ́ ló kù, tí téèpù àwọn ṣì wà lórí rẹ̀, òun á rán aṣojú àwọn tó wà ní Adó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà wo? Bó bá ti ráyè.

A dúró de aṣojú, kò dé, títí ó fi lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti sọ fún obìnrin yẹn pé ọjọ́ méje. Ó wá sílé mi. Kò jókòó, ó fi ọwọ́ mú òpó ìloro. Ó ní ọkùnrin tó ń bá òun fín in ti dé, ó ti lọ nítorí kò rí pọ́ńpù, ó sì ti mú iṣẹ́ oko ẹlòmíràn. Ó ní òun rí èso méjì tó dúdú ní ìsàlẹ̀ oko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Lẹ́yìn náà ó rí mẹ́jọ. Ó ní òun kò kà á mọ́.

“Tíṣà, ugi ń bàjẹ́. Ṣé kí n fi túùbù ọ̀ún sí i? Bí mo bá ti fín in tán, mo lè yọ ọ́.”

Mo gbé ohùn sókè. N kò parọ́, mo pariwo mọ́ obìnrin tó jù mí lọ ní ìloro ilé mi. Mo ní bó bá fọwọ́ kan téèpù yẹn, owó gbogbo ènìyàn ló bà jẹ́. Mo ní ènìyàn mẹ́rìnlélógún ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Mo ní aṣojú ń bọ̀ lọ́la. N kò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ lọ́la. Ó ní, “Ó dáa, Tíṣà, ẹ má bínú,” ó sì lọ nínú òjò.

Ìyàwó mi ló yọjú láti inú ilé. Ó ní ṣé pọ́ńpù tiwa kò sí nílé ni, kí lébìrà gbé e lọ bá a fín in. Mo ní lébìrà ti ní oko ẹlòmíì lọ́la. Òtítọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n lọ́túnla ńkọ́? N kò bi lébìrà. Orí mi kún fún ọ̀rọ̀ lẹ́tà kejì tí mo fẹ́ kọ, mo sì wọlé lọ kọ ọ́.

Lẹ́tà kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́. Mo gbà nínú rẹ̀ pé àwọn àgbẹ̀ ti fi rọ́bà dí mẹ́tàlélógún, mo sọ ọjọ́ tí wọ́n dí i àti ìdí rẹ̀. Mo ní ẹyọ kan wà tí a kò tú, ó ní nọ́ńbà ìdí kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, kí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn dán an wò lójú wa. Bí kò bá jò, a kò béèrè ohunkóhun mọ́. Bó bá jò, àléébù gbogbo rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni, owó gbogbo rẹ̀ ni a sì fẹ́. Alága ní kí n má kọ “a kò béèrè ohunkóhun mọ́.” Mo kọ ọ́. Ọkàn mi ní ó dá mi lójú.

Aṣojú dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù ni, ó gbé àpò kékeré kan dání, bàtà rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀. Ìloro ilé obìnrin náà ni a kó jọ sí. Aṣojú fi ọwọ́ tọ téèpù yíká, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ gé e. Ó gé e. Aṣojú gbé pọ́ńpù jáde, ó ka nọ́ńbà ìdí rẹ̀ sókè, mo fi ìwé mi wò ó, ó bá ara wọn mu. Ó nu sìmẹ́ńtì gbẹ. Ó bu omi mímọ́ sí i dé ibi àmì, kò fi oògùn sí i, ó gbé e lélẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀pá. A ń kà á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà sìmẹ́ńtì tutù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá omi ń ṣàn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó da omi nù, ó nù ún, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan náà ni. Ó tú wọ́ṣà, ó fi irin kékeré kan wọ̀n ọ́n, ó wọn ojú ihò rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí a gbé méjì wá lára àwọn oní-túùbù, ó yọ túùbù wọn, ó wọn àwọn náà. Ọ̀kan náà.

Ó ní, “Wọ́ṣà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Gbogbo èyí tí wọ́n jọ kó jáde ló máa rí báyìí. N ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Alága gbá mi lẹ́yìn. Mo fẹ́ jó. Mo wo obìnrin náà kó lè bá mi yọ̀, mo rí i tó ń fi aṣọ nu omi kúrò lórí sìmẹ́ńtì.

Owó dé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, gbogbo rẹ̀, owó ọkọ̀ Ìtáwúrẹ́ náà wà níbẹ̀. Oníṣòwò rán ọkọ̀ wá kó pọ́ńpù rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́, wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́, alága bá wọn jà díẹ̀. Kí wọ́n tó kó o, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọ́n ń yọ túùbù wọn. Wọ́n ní pọ́ńpù ni ti oníṣòwò, túùbù kì í ṣe tirẹ̀. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní bí kò bá sí Tíṣà, owó ti wọ gbó. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ka lẹ́tà àkọ́kọ́ àti èkejì fún wọn.

Obìnrin náà kò wá sípàdé. Mo ní èmi á mú owó rẹ̀ lọ fún un fúnra mi. N kò bá a nílé, wọ́n ní ó wà lóko. Mo bá a lọ síbẹ̀. Láti ọ̀nà ni mo ti rí i. N kò tíì rí oko kòkó tó dúdú tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìsàlẹ̀ igi dé òkè, èso tó yẹ kó ti máa pọ́n ti di dúdú, òmíràn ti gbẹ mọ́ igi. Ó ń fi àdá já wọn, ó ń kó wọn sí kòtò kan tó gbẹ́, kó lè bò wọ́n kí wọ́n má bàa ran àwọn igi lọ́dún tó ń bọ̀. Kòtò náà ti kún dé ìdajì. Oko tèmi wà ní òdìkejì odò, mo lè rí i láti ibi tí mo dúró sí. Àwọ̀ ewé àti pupa ló wà lórí èso tèmi.

Mo kí i kú iṣẹ́. Ó dá mi lóhùn dáadáa. Mo fún un lówó rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ, mo ní kó má kúnlẹ̀. Ó so owó náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

“Ọn ní owó ọkọ̀ náà wà nínú lẹ́tà.”

“Ó wà níbẹ̀, ìyá.”

“Èyí ńkọ́?” Ó fi àdá nàka sí kòtò. “Ṣé ẹ kọ èyí náà sí i?”

N kò kọ ọ́. Nínú lẹ́tà méjèèjì, n kò kọ ọ́, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n kọ ọ́. Mo ní, “Rárá, ìyá.” Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo lè dúró sójú kan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ìbínú ì bá dùn mọ́ mi nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún gbé àdá sókè, ó já èso méjì, ó jù wọ́n sí kòtò. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó yíjú sí mi, bí ẹni tó fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́ kó tó jáde ní kíláàsì.

“Tíṣà, èyí tí mo bá rà lọ́dún tó ń bọ̀, bó bá ń jò, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n dí i?”